Ìròyìn fún Ìgbìmọ̀ Olùdarí: Bí ránsọ́mwíà ṣe ti fáìlì wa pa lórí sáfà FS01

Láti ọwọ́: Ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, ọ́fíìsì àgbà, Wuse, Àbújá
Sí: Alága, Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo olùdarí
Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹrin 2025

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́. Ní òru ọjọ́ ọdún Ìtúnu Àwẹ̀, àwọn olè wọ sáfà tí a ń kó fáìlì ilé-iṣẹ́ sí, wọ́n ti fáìlì 61,400 pa nínú 148,000, wọ́n sì ń béèrè owó kí wọ́n tó ṣí i. A ò san kọ́bọ̀. Títà ti bẹ̀rẹ̀ padà láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kò sí mọ́, mo sì gbà pé wọ́n ti jí ìwé àwọn òṣìṣẹ́ wa kó.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀

Nínú oṣù Kejì, a ṣí ọ̀nà RDP, pọ́ọ̀tù 3389, sílẹ̀ sí íńtánẹ́ẹ̀tì kí oníṣirò tó ń bá wa ṣiṣẹ́ lè máa wọlé láti ilé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ parí, a ò ti ọ̀nà náà. Ẹ̀ka tèmi ló yẹ kó tì í, ọrùn mi ni ẹ̀bi yẹn wà.

Láti òru Ọjọ́bọ̀ 27 oṣù Kẹta ni wọ́n ti ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò. Sáfà kọ ọ́ sílẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà 4625, ìyẹn ìgbìyànjú láti wọlé tó kùnà, ìgbà 4,312, kò sì sí ẹni tó ń wò ó. Ní agogo 11:47 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àkáǹtì oníṣirò yẹn ṣí fún wọn. Láàárín 10:14 sí 11:31 alẹ́ Àbámẹ́ta, fáyáwọ̀ọ̀lù fi hàn pé dátà jígábáìtì 2.3 jáde lọ sí òkèèrè. Agogo 1:18 òru Àìkú, wọ́n pa àwọn ẹ̀dà tí sáfà fúnra rẹ̀ ń tọ́jú:

```
vssadmin delete shadows /all /quiet
```

Ní 1:26 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì pa. Díìsìkì ẹ̀dà tó wà lára sáfà ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Iná ọba lọ ní 3:52. Nítorí ìsinmi, kò sẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀, ínfátà sì kú ní 5:40. Ohun tó dá ìyókù fáìlì sí nìyẹn. Kì í ṣe ètò ààbò kankan tí a ní, mo fẹ́ kí èyí yé gbogbo wa.

Ìsinmi gba ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́rú 2 oṣù Kẹrin, a tan sáfà ní 7:40 àárọ̀. Ní 8:05, akọ̀wé owó pè mí: gbogbo orúkọ fáìlì tó wà níwájú rẹ̀ ti gùn sí i, lẹ́tà tí kò ní ìtumọ̀ ló tẹ̀ lé wọn, README.txt kan ṣoṣo ló ṣeé ṣí. Mo yọ wáyà nẹ́tíwọ̀kì sáfà ní 8:12. Kò kan kọ̀ǹpútà míì.

Ohun tó bà jẹ́

Fódà owó àti ti òṣìṣẹ́ ló kàn jù. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó yè wà ní Kàdúná. Ọ̀gá ẹ̀ka ibẹ̀ máa ń gbé díìsìkì kan lọ lọ́sẹ̀ méjìméjì, ó wé e sínú láílọ́ọ̀nù, ó sì tì í mọ́ inú séèfù owó. 14 oṣù Kẹta ni ti ìkẹyìn. Ti ọjọ́ 28 kò lọ nítorí ìrìnàjò ọdún. A ń fi ìwé ẹrù tí wọ́n fọwọ́ kọ ṣe àtúnkọ ohun tó sọnù láàárín.

Tírélà sìmẹ́ǹtì mẹ́rin láti Obajana dúró ní Dei-Dei láti Ọjọ́rú sí ọ̀sán Ẹtì, torí a ò mọ ẹni tó ni ẹrù. Owó ìdúró wọn jẹ́ ₦1,850,000. Owó oṣù Kẹta ti bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 28, àmọ́ òfin fún wa ní ọjọ́ iṣẹ́ méje péré láti fi owó ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ yìí, ọjọ́ 10, ló parí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti òṣìṣẹ́ 86 tí nọ́ńbà báńkì, NIN àti àdírẹ́sì ilé wọn wà nínú fódà yẹn. Mi ò lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ni jígábáìtì 2.3 náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe bíi pé òun ni. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 fún wa ní wákàtí 72. A ti fi tó Àjọ Ààbò Dátà létí ní ọjọ́ Ẹtì ní 2:20 ọ̀sán, a sì ti fi tó ngCERT, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, náà létí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Kí Ọ̀gá Àgbà fúnra wọn bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́la, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu èrò ọkọ̀ Kubwa. Kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i pé a ò ní san owó ìtúsílẹ̀: kò sí ohun tó dè wọ́n láti ṣí fáìlì bí a bá san án, ẹ̀dà Kàdúná sì wà. Kí ẹ sì buwọ́ lu ₦2,400,000 fún díìsìkì ẹ̀dà mẹ́ta tí kò ní máa wà lára sáfà, àti àyẹ̀wò láti ìta.

A ti ti pọ́ọ̀tù 3389, a sì ti pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ ó rí ìròyìn mi tó kàn ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí owó ìfẹ̀yìntì bá ti lọ.