Lẹ́tà sí Adérónkẹ́: ibi tí a ti ń mú ẹ̀rí jẹ́ómẹ́tírì

Adérónkẹ́ mi,

Mo ti yẹ ìbéèrè kẹrin rẹ wò. Ìlà mẹ́ta péré lo kọ kí o tó dúró, méjì nínú wọn ò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kì í ṣe pé orí rẹ ò gbé ìṣirò. Ibi tí wàá ti mú un ni o ò rí.

Ìbéèrè náà ni pé ABCD jẹ́ párálẹ́lógíráàmù, AC àti BD pàdé ní O, kí o fi hàn pé AO = OC.

Kọ́kọ́ tún àwòrán yà, kí o jẹ́ kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dáadáa. Tìẹ rí bíi rẹ́tángù, ìdí nìyẹn tí ojú fi tàn ọ́ tí o fi kọ AC = BD. Rẹ́tángù ló ní ìyẹn. Párálẹ́lógíráàmù lásán ò ní in. To lẹ́tà náà yípo, A, B, C, D. Bí o bá fò ó, AC á di ẹ̀gbẹ́, kò ní gba àárín kọjá mọ́.

Wàyí o, fa ìlà sí àárín ìwé. Lápá òsì, kọ ohun tí wọ́n fún wa: AB ∥ DC, AD ∥ BC. Lápá ọ̀tún, kọ ohun tí wọ́n ń bèèrè: AO = OC. Ohun tó wà lápá ọ̀tún ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rí títí di ìlà ìkẹyìn. O kọ "O wà láàárín gbùngbùn AC"; AO = OC náà nìyẹn, o kàn wọ aṣọ mìíràn fún un ni.

Láti apá ọ̀tún ni kí o ti máa ronú padà sẹ́yìn. Onígun mẹ́ta wo ni AO wà? AOB. OC ńkọ́? COD. Bí méjèèjì bá dọ́gba délẹ̀délẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Nítorí náà, ohun mẹ́ta tó bá ara mu nínú wọn là ń wá. Fi bírò pupa sàmì sí wọn lórí àwòrán:

AB = CD (ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síra nínú párálẹ́lógíráàmù)
∠OAB = ∠OCD (igun Z: AB ∥ DC, AC ló gé wọn)
∠OBA = ∠ODC (igun Z: BD ló gé wọn)

Igun méjì àti ẹ̀gbẹ́ tó wà láàárín wọn, ó tó. Àmọ́ igun mẹ́ta láìsí ẹ̀gbẹ́ kankan ò tó o: ìrísí lè jọra kí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ.

Ìgbà yìí lo tó lè kọ △AOB ≡ △COD. Bí lẹ́tà ṣe tò ṣe pàtàkì: A bá C lọ, B bá D lọ. Bí o bá kọ △DOC, AO = DO lo sọ yẹn, máàkì á sì lọ. Ìdí tó wà nínú àkámọ́ náà ní máàkì tirẹ̀, má fo ọ̀kankan.

Fún ìbéèrè karùn-ún, má kọ ẹ̀rí rárá. Àwòrán, apá òsì, apá ọ̀tún, àti orúkọ onígun mẹ́ta méjì tí o máa lò nìkan ni kí o mú wá lọ́jọ́ Ajé.

Èmi ni,
Tíṣà ìṣirò rẹ