Ìkànnì Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ Kò Ba Ẹ̀kọ́ Wa Jẹ́

Ẹ̀yin adájọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹni tó ń ṣọ́ àkókò, ẹ̀yin alátakò mi àti gbogbo ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ń ba ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Mo dìde láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá fún àwa tí à ń kàwé ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ẹ̀yìnkùlé wa. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìyá mi ń yan gàrí, èmi náà jókòó, mo ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí a óò gbé lọ sí ẹ̀rọ láàárọ̀. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi wà lórí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ohùn olùkọ́ físíìkì wa ló ń jáde níbẹ̀. Àìsàn ti dá a dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wáásáàpù kíláàsì wa. Ó ń ṣàlàyé òfin iná mànàmáná, U = R × I, níbi tí a ti ń fi fóltì wọn U, tí a ń fi óòmù wọn R, tí a sì ń fi áńpẹ́à wọn I. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn náà kó tó yé mi. Nínú kíláàsì, ta ni nínú wa tó máa ní kí olùkọ́ tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta? Ojú á ti tì wá, a ó sì panu mọ́.

Mo nu ọwọ́, mo ṣe ìṣirò tó fún wa: fóltì 12, óòmù 20, kí a wá I. Mo kọ 240, mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ wa kan tó ń gbé lábúlé dáhùn pé, “O ti sọ ọ́ di ìlọ́po. Pín in.” Mo pín in, ó di 0,6. Láti ọjọ́ náà, n kò ṣi í ṣe mọ́. Ẹ̀yin adájọ́, èwo ló bàjẹ́ nínú ẹ̀kọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Olùsọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lápá kejì ní ọ̀rọ̀ gígé kúrú tí à ń kọ lórí fóònù ń ba Faransé wa jẹ́. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá la ń sọ nílé, Yorùbá la ń ná ọjà. Tí a bá ti kúrò ní kíláàsì, níbo lọ̀pọ̀ wa tún ti ń ka Faransé, bí kò ṣe lórí ìkànnì yìí? Yorùbá ńkọ́? Mo ń sọ ọ́ láti kékeré, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níléèwé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Lórí Fesibúùkù ni mo ti rí àwọn tó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Mo ń wò ó, mo ń dà á kọ sínú ìwé mi, títí ó fi mọ́ mi lára. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà pín àwa àti àwọn ará wa ní Ìmẹ̀kọ, lápá Nàìjíríà, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, àwa ń fi Faransé. Ní báyìí, ọmọ Ìmẹ̀kọ kan àti èmi ń fi Yorùbá kọ̀wé síra wa.

Ẹ tún rántí ọdún 2018. Ní oṣù kẹsàn-án, ìjọba fi owó orí lé lílo Wáásáàpù, Fesibúùkù àti irú wọn, fáráǹkì 5 lórí mẹ́gábáìtì kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: fídíò ẹ̀kọ́ tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 20 yóò gba 100 fáráǹkì lórí iye tí a ti ń san tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn fárí gá, kí oṣù náà sì tó parí, ìjọba ti wọ́gi lé e. Ohun tó jẹ́ eré lásán fún ẹlòmíràn, ilé ìkàwé ni fún ọmọ tí kò ní ìwé. Nínú kíláàsì tiwa, àwa mẹ́rin la ń pín ìwé físíìkì kan.

Wọ́n tún sọ̀rọ̀ ẹni tó ń wo fídíò títí di aago méjì òru. N kò ní parọ́ pé kò sí irú rẹ̀, ó sì ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i tó ń tòògbé lórí àga. Ṣùgbọ́n oorun ló yẹ ká bá a wá. Kí òbí gba fóònù ní aago mẹ́sàn-án. Kí olùkọ́ gbà á lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Mo fara mọ́ méjèèjì tọkàntọkàn. Gbogbo ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà, kò sì fi hàn pé ìkànnì náà ló ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́.

Ní aago mẹ́jọ alẹ́ òní, ẹgbẹ́ wa yóò jọ ṣe ìbéèrè ìdánwò báàkì tó ti kọjá. Mo bẹ ẹ̀yin alátakò mi méjèèjì, ẹ wá jókòó tì mí lẹ́yìnkùlé wa, kí ẹ fi ojú ara yín rí ohun tí à ń ṣe. Ìyá mi ti ní òun á fi gàrí gbígbóná ṣe yín lálejò.

Ẹ ṣeun.