Ẹ̀kọ́ Excel ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà: ìlérí mẹ́rin, mẹ́ta ló ṣẹ

Èmi ni mò ń kọ ìwé owó fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa n'Ibadan, àwa 140. ₦18,000 ni mo san fún ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, mo sì kà á tán. Kí n tó sanwó ni mo ti da ìlérí wọn kọ sínú ìwé: màá lè wá orúkọ jáde, màá lè fi PivotTable ṣe ìṣirò oṣù, màá lè tún àkọsílẹ̀ tó rí wúruwùru ṣe, màá sì gba sátífíkéètì.

Ti orúkọ wíwá ṣẹ, ó tilẹ̀ kọjá ohun tí mo rò. Odidi ogún ìṣẹ́jú ni olùkọ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn níbí:

```
=VLOOKUP(A2,Sheet2!A:C,3,FALSE)
```

FALSE ló ń sọ fún Excel pé orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu gẹ́lẹ́. Ó yọ ọ́ kúrò lójú wa, Excel sì gbé gbèsè ẹlòmíì fún ẹni tí kò jẹ gbèsè, láìkìlọ̀ rárá. Ẹni tó ń tọ́jú owó olówó gbọ́dọ̀ mọ èyí. PivotTable náà dáa: ìṣirò tó ń gbà mí lọ́jọ́ méjì kí ìpàdé tó dé kò ju wákàtí kan lọ mọ́. Sátífíkéètì dé lọ́jọ́ tí mo parí.

Ìlérí kẹta ló dùn mí. Gbogbo fáìlì tí wọ́n fún wa láti fi dánra wò ló ti mọ́ tónítóní. Ìgbà tí mo lo VLOOKUP lórí ìwé ẹgbẹ́ wa, orúkọ 31 ló gbé #N/A jáde, pé Excel ò rí wọn. Mo tẹ F2 lórí orúkọ màmá kan tó ń ta èlùbọ́, mo rí i pé àlàfo kan wà lẹ́yìn lẹ́tà tó kẹ́yìn. Àbúrò mi ló sọ fún mi pé TRIM ló ń gé irú ẹ̀ kúrò. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ TRIM!

Mo lò ó, ó ku mẹ́rin. Ẹnì kan ti kọ “Ọlá” síbìkan, “Ola” síbòmíì. Lójú Excel, orúkọ méjì nìyẹn. TRIM ò lè ran èyí. Mo wá fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà ni mo fi ń wá wọn báyìí. Irú nǹkan báyìí ló yẹ kí ẹ̀kọ́ tó ní òun á kọ́ni ní àtúnṣe àkọsílẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, torí pé bí ìwé tiwa ṣe máa ń rí nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ìṣirò lẹ fẹ́ mọ̀, tí àkọsílẹ̀ yín sì ti wà létòlétò, ẹ rà á. Bó bá jẹ́ ìwé tí èèyàn mẹ́ta ti kọ ọ́ ṣáájú yín ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ náà bóyá wọ́n ti fi TRIM kún un. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un.