Lẹ́tà Ìfilọ̀ Iṣẹ́ sí Ilé-Iṣẹ́ Ìpolówó Ọjà

Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Sí Olùdarí Ẹ̀ka Ìkọ̀wé àti Àwòrán,
Ìkejà, Èkó.

Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n,

MO FI IṢẸ́ ÌPOLÓWÓ NÍ ÈDÈ YORÙBÁ LỌ̀ YÍN: ÀPẸẸRẸ MẸ́TA WÀ NÍNÚ ÍMEÈLÌ YÌÍ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àbójútó. Títílayọ̀ Adégòkè ni orúkọ mi. Òǹkọ̀wé ìpolówó ọjà ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé, ara mi ni mo sì ń ṣiṣẹ́ fún. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ máa gbé iṣẹ́ fún mi nígbàkígbà tí oníbàárà yín bá fẹ́ bá àwọn tó ń sọ Yorùbá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí n bá yín dá sí i láti ìgbà tí ẹ ṣì ń jíròrò lórí ohun tí ìpolówó náà yóò sọ.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni pé, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́ kí wọ́n tó wá ẹni tí yóò sọ ọ́ di Yorùbá. Nígbà yẹn, wọ́n ti gba orin sílẹ̀, wọ́n ti ya àwòrán, wọ́n sì ti wọn àyè tí ọ̀rọ̀ yóò gbà, débi pé Yorùbá kàn ń wá ibi tí yóò fún ara rẹ̀ sí ni. Mo rí i pé púpọ̀ nínú ọjà tí ẹ ń polówó, ọṣẹ, oúnjẹ inú agolo àti owó àfipamọ́, ni wọ́n ń tà ní Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́, fún àwọn ènìyàn tó ń gbọ́ Amúlùdùn 99.1 láti àárọ̀. Wọ́n ń fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n sì tètè ń mọ ọ̀rọ̀ tí a kò rò ní èdè wọn.

Àpẹẹrẹ kìíní, `1_redio_ose_30.pdf`, jẹ́ ìpolówó rédíò oníṣẹ́jú-àáyá 30 fún ọṣẹ ìfọṣọ. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ láti fi iṣẹ́ mi hàn, kò sí oníbàárà tó gbé e fún mi, nítorí náà ọṣẹ inú rẹ̀ kò ní orúkọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìyí:

(Ìró omi nínú bàsíà.)
ÌYÁ: Bọ́sẹ̀, ta ló fọ ìró yìí?
BỌ́SẸ̀: Èmi ni, mà.
ÌYÁ: Epo tó ta sí i níbi ìsọmọlórúkọ ńkọ́?
BỌ́SẸ̀: Ó ti lọ, mà.
ÌYÁ: O fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́?
BỌ́SẸ̀: Rárá, mà. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, mo lọ gbálẹ̀, mo wá fọwọ́ fọ̀ ọ́.
OHÙN: Ẹ rẹ ẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ sá a.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìlà ìkẹyìn sókè. Gbólóhùn mẹ́ta ni, sílébù mẹ́ta mẹ́ta, ohùn wọn kò sì jọra: àárín, àárín, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, òkè, àárín, òkè, àárín. Onídùndún lè fi ìlù sọ ọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ẹnu kàn án, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan yóò mọ ohun tí ìlù náà ń wí. Irú nǹkan báyìí kò lè wáyé bí orin bá ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀. Bí olórin bá gbé ohùn sókè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti wà nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè yí padà di nǹkan mìíràn létí ẹni tó ń gbọ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ sínú `1_redio_ose_30.mp3` kí ẹ lè rí i pé kò kọjá àkókò, àyè sì wà nínú rẹ̀ fún orúkọ ọjà.

Àpẹẹrẹ kejì, `2_patako_ajo.pdf`, jẹ́ ti pátákó ẹ̀bá títì fún ètò owó àfipamọ́. Èyí náà kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: «Owó yín, ọwọ́ yín ló wà.» Bí ẹ bá yọ àmì kúrò, ohun tí yóò kù ni «Owo yin, owo yin lo wa», ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré kò sì ní rí ohun kan dì mú. Nítorí náà ni mo ṣe ka àmì sí ara iṣẹ́ mi. Nínú ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, «ẹ́» àti «ọ́» kò ní àyè tiwọn gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ẹ tàbí ọ ló máa ń ṣáájú, kí àmì ohùn tó gorí rẹ̀, bí fọ́ǹtì kò bá sì mọ ibi tó yẹ kó gbé àmì náà sí, yóò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Noto Sans ni mo lò nínú àpẹẹrẹ náà. Bí oníbàárà yín bá ní fọ́ǹtì tirẹ̀, n óò yẹ̀ ẹ́ wò, n óò sì tún ka iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ayàwòrán yín bá ti tò ó tán, kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.

Àpẹẹrẹ kẹta, `3_iwe_ilewo_iya.pdf`, jẹ́ iṣẹ́ tí mo ṣe fún ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ìlera ìyá àti ọmọ. Wọ́n gbà kí n fi hàn yín, mo sì ti yọ orúkọ wọn. Ó ń kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po oògùn oníyọ̀ fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Wọ́n sọ fún mi pé omi lítà 1 ni kí n kọ, ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n lítà ní ilé púpọ̀, nítorí náà mo kọ ọ́ pé kí ìyá da píọ̀ wọ́tà oní-50 sẹ́ńtílítà méjì sínú abọ́ tó mọ́, kó da gbogbo oògùn inú ọ̀rá oní-lítà 1 náà sí i, kó sì da èyí tó bá ṣẹ́kù nù lẹ́yìn wákàtí 24. Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ náà ló yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Ní ti owó, ₦90,000 ni mo ń gbà fún ọ̀rọ̀ rédíò kan, ₦60,000 fún pátákó, ₦45,000 fún ojú ewé kan ìwé ìléwọ́. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú iye yìí. Mo máa ń gba ìdajì kí n tó bẹ̀rẹ̀ àti ìdajì nígbà tí mo bá fi iṣẹ́ jíṣẹ́; lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà di ti oníbàárà yín. Níwọ̀n ìgbà tí ìpolówó gbọ́dọ̀ gba ìyẹ̀wò lábẹ́ ARCON, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2022 ti là á sílẹ̀, mo máa ń so ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ má bàa dúró nítorí pé ẹnì kan nínú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọ́ Yorùbá.

Bí ẹ bá fẹ́ dán mi wò, ẹ fi ìsọfúnni ọjà kan ránṣẹ́ sí mi, n óò kọ ọ̀rọ̀ rédíò kan lórí rẹ̀ ní ìdajì owó, ẹ óò sì rí i gbà láàrin ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Mo lè wá sí Ìkejà bí ẹ bá fẹ́ kí a jókòó sọ̀rọ̀. Ọjọ́bọ̀ ló rọrùn fún mi jù. Ẹ lè fi ímeèlì yìí kan náà dá mi lóhùn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún àkókò tí ẹ fi ka lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Títílayọ̀ Adégòkè
Òǹkọ̀wé Ìpolówó Ọjà