Ọ̀rọ̀ Àràárọ̀ fún Àbúrò Mi, Kí Jámbù Tó Dé

Àbúrò mi, Màmá ní o ti ń jí láago mẹ́ta òru, pé o máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn. Mo kọ ìwọ̀nyí fún ẹ. Kà wọ́n sókè láràárọ̀, kó o tó fọwọ́ kan fóònù. Mi ò kọ "màá gba 400" síbẹ̀ o, torí ọkàn rẹ máa pè é nírọ́, jìnnìjìnnì á sì tún bò ẹ́. Ohun tíwọ fúnra rẹ lè jẹ́rìí sí ni mo kọ.

Ọjọ́ Ajé
Mo jí ire. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ṣe wòlíì, kò mọ ohun tí wọ́n máa bi mí. Kí àyà mi máa já, èmi á ti ṣí ìwé bàọ́lọ́jì mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun
Mo gba 171 lésìí. Mo lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ilé ò wó. Lésìí, tí mo bá ti rí mólù nínú kẹ́místìrì, ńṣe ni mo máa ń ṣí ojú ewé yẹn kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣírò mẹ́wàá, mo gba méje. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Ọjọ́rú
(Èyí gùn, ṣùgbọ́n òun ló máa wúlò jù. Má sáré kà á.)
Mo mọ ohun tí mò ń lọ bá. Ìbéèrè 180 ni: 60 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú físíìsì, 40 nínú kẹ́místìrì, 40 nínú bàọ́lọ́jì. Wákàtí méjì ni. Tí mo bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, mo sì ti fi ẹnu kà á wò láti ení dé ogójì: ó pẹ́ ju bí ẹ̀rù ṣe ń wí lọ. Bí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n lórí máòsì, màá fi í sílẹ̀, màá lo bọ́tìnì. A, B, C, D ni màá fi mú ìdáhùn, N á gbé mi síwájú, P á dá mi padà sẹ́yìn. Èyí tó bá le, màá fò ó, màá padà wá bá a. Wọn kì í yọ máàkì torí pé èèyàn ṣì í, nítorí náà mi ò ní fi ìkankan sílẹ̀ láìdáhùn. Ọwọ́ mi ò ní kánjú lọ sórí S, tó ń parí ìdánwò.

Ọjọ́bọ̀
Kí ilẹ̀ tó mọ́, Màmá mi ti ń dín àkàrà nítòsí Ọjà Ọba. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí epo ta sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní "yéè!", wọ́n ki ọwọ́ bọ omi tútù, wọ́n nù ún lára ìró, wọ́n padà sídìí agbada. Àkàrà tó wà nínú epo nígbà yẹn ò tiẹ̀ jóná. Èmi náà ń padà sídìí agbada mi. Owó fọ́ọ̀mù tí wọ́n san kò di gbèsè sí mi lọ́rùn. (Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ta ló ń sin ọmọ lówó fọ́ọ̀mù?)

Ọjọ́ Ẹtì
Àwọn tó ń ta ìdáhùn lórí Wáásáàpù, mi ò ní owó tí màá fún yín. Ọ̀rẹ́ mi tó ní òun ti ka gbogbo sílábọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta, Ọlọ́run bá a ṣe é. Èmi ń ka tèmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta
Màá sùn lálẹ́ òní. Ohun tí mo bá fi àìsùn kà, mi ò ní rántí ẹ̀ lọ́la.

Ọjọ́ Àìkú
Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́, ní yunifásítì ìṣègùn tó wà ní Oǹdó. Ó wù mí gan-an ni, òun ló sì fa gbogbo ẹ̀rù yìí. Tí kò bá bọ́ sí i lọ́dún yìí, màá sunkún. Wọ́n á gúnyán nílé, màá jẹ ẹ́ tòun tomijé. Wọ́n á tún ta fọ́ọ̀mù lọ́dún tó ń bọ̀, màá sì wà láàyè láti rà á.

Àárọ̀ ìdánwò
Sílíìpù mi wà lọ́wọ́ mi. Mo bọ́ aago ọwọ́ sílé, mo fi fóònù sílẹ̀ fún Màmá. Mo ti jẹun díẹ̀, mo ti tọ̀. Mo mí sínú, mo mí síta. Wọ́n ti ń pe orúkọ ní géètì. Tèmi nìyẹn. Mo ń wọlé.