Ìwé Ìbéèrè fún Ẹ̀yáwó Láti Fi Kún Agbo Ewúrẹ́

Ọ̀nà Òpéjì,
Ọ̀dẹ̀dá, Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹta, 2026.

Alákòóso Báǹkì,
Ẹ̀ka Òkè Ìlẹ̀wó,
Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin Alákòóso wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni Ṣẹ́gun Ṣóyẹmí, ọmọ ọdún 28. Láti ọdún 2020 ni mo ti ń sin ewúrẹ́ ní ọ̀nà Òpéjì, mo sì ti ń fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ yín láti ọdún 2021. Mo ń bẹ yín kí ẹ yá mi ní ₦3,300,000, kí n san èlé nìkan fún oṣù 9 àkọ́kọ́, kí n sì fi oṣù 36 tó bá tẹ̀ lé e dá owó náà padà. Bí ẹ bá lè fún mi ní àsìkò yìí, tí owó tí ẹ yá mi sì dín díẹ̀, n óò gbà á tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n owó ńlá tí wọn yóò máa gbà padà láti ọ̀sẹ̀ kìíní kò lè ṣe mí láǹfààní.

Ojú mi ti rí irú èyí rí. Ní ọdún 2023, mo yá owó níbì kan tí wọ́n ti ń gbà á padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò sí akọ tó tó tà mọ́ nínú agbo mi, ni mo bá fa abo kan tó lóyún lọ sọ́jà. Ọmú rẹ̀ ti ń kún. Ìyá tó rà á fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, méjì ló wà nínú èyí o." Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo gba owó, mo sì lọ san gbèsè. Nǹkan bí oṣù 5 ni ewúrẹ́ fi ń lóyún, ọmọ rẹ̀ sì ní láti pé bí oṣù 10 kó tó tó tà fún ẹni tó mọyì ẹran. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ fún àsìkò.

Lónìí, abo 21, òbúkọ 2 àti ọmọ ewúrẹ́ 9 ló wà lọ́wọ́ mi. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ni gbogbo wọn, nítorí pé wọ́n sábà máa ń bí ìbejì, àìsàn tí eṣinṣin ń kó ran ẹran nínú igbó ìhà tiwa kì í sì í tètè dá wọn dùbúlẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, mo ta 26 ní ₦1,690,000. Lẹ́yìn tí mo yọ owó oúnjẹ àti oògùn, ₦1,080,000 ló kù. Àwọn tó ń ṣe àṣun ní Pańṣẹ́kẹ́ àti Kútọ̀ ló ń rà jù lọ́wọ́ mi, àti àwọn tó ń ṣe òkú àgbà. Ní oṣù Kejìlá nìkan, ewúrẹ́ 14 ni wọ́n béèrè tí n kò rí fún wọn.

Bí ẹ bá yá mi lówó, n óò fi ₦2,000,000 ra abo 25, n óò sì fi ₦300,000 ra òbúkọ 2 láti ibòmíràn, nítorí pé àwọn tí mo ní báyìí ni bàbá ọ̀pọ̀ nínú àwọn abo tí mo tọ́ dàgbà, kò sì yẹ kí wọ́n gun ọmọ tí wọ́n bí. ₦650,000 yóò lọ sí ilé ewúrẹ́ onípákó tó ga nílẹ̀, tí ìgbẹ́ yóò lè máa jábọ́ sísàlẹ̀. ₦350,000 tó kù sì jẹ́ ti abẹ́rẹ́, oògùn àti oúnjẹ. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí mò ń kó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe gààrí, tí mo sì ń sá gbẹ dáadáa, ni olórí oúnjẹ wọn, pẹ̀lú ewé agúnmaniyè. Èmi fúnra mi ti ní ₦480,000 nínú àpamọ́ mi lọ́dọ̀ yín, òun ni n óò fi ṣe ọgbà yí wọn ká.

N kò ní fi ewu iṣẹ́ yìí pa mọ́ fún yín. Ní ọdún 2022, mo ra ewúrẹ́ 2 lọ́jà, mo sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ agbo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kàtá ni wọ́n gbé wọlé: ikun ń dà nímú wọn, ẹnu wọn di egbò, wọ́n ń ṣu omi, 7 sì kú. Àṣìṣe tèmi ni. Láti ìgbà náà, ewúrẹ́ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà máa ń dá wà fún ọjọ́ 21, dókítà ẹran sì máa ń gún gbogbo wọn lábẹ́rẹ́ kàtá. Kàtá kò tún pa ẹyọ kan lọ́wọ́ mi.

Tí abo bá di 46, mo ṣírò rẹ̀ pé n óò lè ta nǹkan bí 58 lọ́dún. Ní ₦65,000 tí mò ń tà á báyìí, ₦3,770,000 nìyẹn; bí mo bá yọ ìnáwó ₦1,400,000, ₦2,370,000 ni yóò kù tí n óò fi máa san owó yín àti èlé. Títí tí àwọn tuntun yóò fi bímọ, èrè agbo tó wà nílẹ̀ ni n óò fi máa san èlé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun náà ń fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ yín, ti gbà láti ṣe onídùúró fún mi. Ìwé ilẹ̀ éékà 2 tí ẹbí pín fún mi, ẹ̀dà ìwé tí mo ń kọ ọjà títà sí láti ọdún 2021, àti ìwé abẹ́rẹ́ àwọn ewúrẹ́ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán ẹnì kan wá wo agbo náà lọ́jọ́ tó bá wù yín. Tó bá lè dé kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, yóò bá gbogbo wọn nílé, yóò sì lè kà wọ́n fúnra rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ṣẹ́gun Ṣóyẹmí