Mẹ́mò sí Mánéjà Pọ̀dọ́ṣọ̀n: ìdí tí mo fi gba maikirómítà MK-03, àtàwọn báàṣì tá a gbọ́dọ̀ tún wò

Ẹ kúuṣẹ́ o, ọ̀gá. Kuwálítì nìyí, Ọdọ̀gùnyàn.

Láàárọ̀ Túsìdeè, 17 Júùnù, mo gba MK-03 tí lain 2 fi ń wọn bí ara páìpù ṣe nípọn tó, mo so táàgì pupa mọ́ ọn, mo tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé ó dá iṣẹ́ yín dúró, ẹ má bínú.

Mo pa ẹnu ẹ̀ dé, kò sí nǹkan kan láàárín, dípò kó kọ 0.00 ó ń kọ 0.08 mm. Mo rò pé ìdọ̀tí ni torí èérún páìpù máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, mo nù ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ibẹ̀ náà ló wà. Mo gbé bulọ́ọ̀kù 5.00 sí i ó kà 5.08, mo gbé 10.00 sí i ó kà 10.08, àfi bíi pé ó ń fi èènì sí gbogbo nǹkan tó bá wọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ alẹ́ ló wá sọ pé ó já bọ́ lórí tábìlì sórí kọnkéré, ò rántí ọjọ́ ẹ̀ gan-an. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fìyà jẹ ẹ́, tá a bá fìyà jẹ ẹni tó sọ òótọ́, ẹlòmíì ò ní sọ mọ́.

Ó yẹ ká ti rí i ní 10 Júùnù àmọ́ a ò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ ibi tí bulọ́ọ̀kù wà wà lọ́wọ́ ẹni tó lọ líìfù. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn, ó sì dùn mí. 3 Júùnù ló dáa gbẹ̀yìn.

Báàṣì 214 sí 222 la fi MK-03 wọ̀n látìgbà yẹn. 3.00 mm ni ò gbọdọ̀ dín sí, torí ẹ̀ èyí tí ìwọ̀n tó kéré jù nínú ìwé ẹ̀ bá ti tó 3.08 ṣì wà láyè ara ẹ̀, mẹ́fà ló rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta tó kù ni ká dìde sí. 216 kọ 3.05, ó ti wà lọ́dọ̀ dílà wa ní Sábọ̀. 221 kọ 3.06, a ti fọwọ́ sí i pé kó jáde àmọ́ kò tíì kúrò ní síto, mo ti ní kí wọ́n má gbé e. 217 ló ń já mi láyà, 3.02 ló kọ, sáìtì omi ní Ẹ̀pẹ́ ló lọ. Mo fi MK-05, tí mo yẹ̀ wò láàárọ̀ tó pé, wọn sáńpù ẹ̀ tá a tọ́jú, mo yí i ká níbi mẹ́jọ, ibi méjì jẹ́ 2.94 àti 2.96. Bí wọ́n bá rì í mọ́lẹ̀ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára ti inú ẹ̀ kọjá, ibi tó fẹ́lẹ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ bẹ́, wọ́n á sì tún wú ilẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pe Ẹ̀pẹ́ lónìí kí wọ́n má rì í, kí dílà náà dáwọ́ títà 216 dúró. Èmi á wọn sáńpù 216 àti 221 kílẹ̀ tó ṣú. Kí lain 2 máa bá lain 1 lo MK-05 pọ̀ ná.